Bí a ṣe ń yan orúkọ fún ilé ìwòsàn aládàáni: orúkọ tó ń fọkàn balẹ̀, tó sì gba ojú pátákó

Ọ̀pọ̀ dókítà tó fẹ́ ṣí ilé ìwòsàn tirẹ̀ ló ti ní orúkọ lọ́kàn kó tó rí ilé tí yóò lò. Nígbà tí ẹni tó ń kọ pátákó bá fi máa dé, orúkọ ti wọ ìwé ìjọba, kò sì sí ohun tí onítọ̀hún lè ṣe mọ́ ju pé kó máa fún lẹ́tà pọ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi wọlé. Lẹ́tà á wá kéré débi pé ìyá tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná sẹ́yìn ọkọ̀ á kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín, kò ní mọ̀ pé òun ti débẹ̀. Ẹni tó ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ tó tún wá ń wá ọ̀nà kiri, kò sí orúkọ dídùn kan tó lè fi í lọ́kàn balẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó ti ìdí pátákó bẹ̀rẹ̀, kó tó ronú kan orúkọ rárá.

Kí àlàyé má bàa léfòó, ẹ jẹ́ ká fi ilé ìwòsàn kan ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dókítà méjì, tọkọtaya, fẹ́ máa tọ́jú àwọn aboyún àti ọmọdé. Ilé wọn wà lẹ́bàá títì tí ọkọ̀ ti ń sá ní nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Àyè pátákó tí wọ́n ní fẹ̀ ní mítà 3, ó sì ga ní mítà 1.2. Orúkọ tó wà lọ́kàn wọn ni Ilé Ìwòsàn Ìrètí Ayọ̀ Àwọn Ìyá àti Ọmọdé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka iye lẹ́tà tí ojú ọ̀nà gbà yín láyè

Ọkọ̀ tó ń sá ní kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Awakọ̀ ní láti rí pátákó, kó kà á, kó mọ̀ pé ibẹ̀ lòun ń lọ, kó sì dẹwọ́ eré kó tó kọjá. Ẹ ṣírò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin fún gbogbo èyí, ìyẹn sì jẹ́ mítà 56. Láti mítà 56 sí pátákó yẹn, orúkọ gbọ́dọ̀ ti ṣeé kà.

Ìṣirò kan wà tí àwọn tó ń ṣe àmì ojú ọ̀nà máa ń lò. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ti mítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà kan nínú gíga lẹ́tà ńlá ń ṣeé kà láti nǹkan bíi mítà mẹ́ta àbọ̀. Ìwọ̀n tó kéré jù nìyẹn o. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò dá ṣáṣá, tàbí tó ń kà á lálẹ́, lẹ́tà tó tóbi ju ìyẹn lọ dáadáa ló nílò. Ẹ pín 56 sí 3.5, 16 ló máa fún yín. Lẹ́tà ńlá orúkọ náà kò gbọ́dọ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà 16.

Ó wá ku fífẹ̀. Nínú lẹ́tà tí kò ní ọ̀ṣọ́, tí ẹ fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ tí ẹ sì fi kékeré parí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń gbà tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíga lẹ́tà ńlá. Tí lẹ́tà ńlá bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16, lẹ́tà kan á gba nǹkan bíi 12. Pátákó mítà 3 kì í kún dé etí. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kó ku sẹ̀ǹtímítà 240. Ẹ pín in sí 12, ẹ ó rí 20. Lẹ́tà 20 ni ìlà kan lè gbà, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo rẹ̀, kò ní tó bẹ́ẹ̀, torí lẹ́tà ńlá fẹ̀ tó bó ṣe ga, ó kù díẹ̀.

Ẹ wá gbé orúkọ tọkọtaya wa lé ìṣirò yìí. Lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 32, àlàfo rẹ̀ sì jẹ́ 7, àpapọ̀ 39. Lórí ìlà kan, lẹ́tà ńlá kò ní ga ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, awakọ̀ kò sì ní rí i kà títí yóò fi ku mítà 28, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá méjì péré. Bí wọ́n bá pín in sí ìlà méjì, lẹ́tà á tó 16, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́jọ ṣì wà tí ojú ní láti kó jọ nígbà tí ọwọ́ ẹni wà lórí ìdarí ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ń ka ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lójú títì. Èyí tó ga jù níbẹ̀ nìkan ni ojú máa mú.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má fi 20 ṣe àfojúsùn. Ẹ wá orúkọ tí kò ju lẹ́tà mẹ́wàá lọ, kó lè tóbi gidi, kí ohun tí ẹ ń ṣe sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré fún ẹni tó bá ti súnmọ́. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: orúkọ ni èèyàn fi ń dá yín mọ̀ láti òkèèrè, àlàyé ni wọ́n fi ń mọ̀ pé àwọn kò ṣìnà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ojú ẹni tó ń ṣàìsàn

Ibí ló gba sùúrù jù, torí orúkọ tó ń sọ̀rọ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ orúkọ tó ń fọkàn ẹni balẹ̀. Ní èdè wa pàápàá, ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn tó pọ̀ ló jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà tí a fi ń bo ikú lójú. A máa ń sọ pé bàbá ti sinmi, pé ìyá ti dákẹ́, pé wọ́n ti sùn. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè ka Ilé Ìwòsàn Ìsinmi kó má rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ tó gbé ìyá rẹ̀ àgbàlagbà dé lóru á rí i, kò sì ní sọ fún yín. Ìtùnú náà dùn létí, àmọ́ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ là ń tù nínú. Ibòòji, ibi tí oòrùn kì í ti í pani, dára gan-an lọ́kàn ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ. Tí ẹni tó ń kọ pátákó bá fo àmì, tó tún jẹ o kan mọ́ ọn, ibojì ló kọ sójú títì fún yín.

Ẹ̀yìn èyí ni orúkọ tó ń ṣèlérí. Ìwòsàn Dájú, Àṣeyè, Aláìkùnà. Aláìsàn kì í gbà á gbọ́, ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ kò bá sì yọrí sí bó ti fẹ́ á fi orúkọ yẹn bá yín wíjọ́. Nílẹ̀ púpọ̀, òfin tó de ìpolówó àwọn oníṣègùn kò tilẹ̀ gba ìlérí ìwòsàn láyè, àwọn tó ń fúnni níwèé àṣẹ sì lè dá orúkọ bẹ́ẹ̀ padà.

Orúkọ kan tún wà tó jẹ́ pé ayọ̀ ẹlòmíràn ni, kì í ṣe ti ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Tọkọtaya wa ronú kan Ọlọ́mọyọyọ. Ìyá tí oyún ṣẹ́ mọ́ lára lánàá máa gba abẹ́ pátákó yẹn wọlé. Èyí tó ti ń wá ọmọ láti ọdún mẹ́wàá náà á gba ibẹ̀. Bí ilé ìwòsàn bá jẹ́ ti aboyún, ẹ jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ jẹ́ èyí tí obìnrin tí nǹkan kò bọ́ sí i fún lè rí láìsunkún.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló kẹ́yìn, òun ni mo sì rí i pé àwọn èèyàn ń gbàgbé jù. Orúkọ ilé ìwòsàn kì í dúró sójú pátákó nìkan. Ó ń yọ lójú fóònù tí ẹ bá pe aláìsàn, ó wà lórí ìwé owó, ó wà nínú ìwé báńkì, ó wà lára àpò tí wọ́n kó oògùn sí. Bí ẹ bá ń tọ́jú àìrọ́mọbí, àìsàn ọpọlọ tàbí àrùn tí èèyàn ń gbà látara ìbálòpọ̀, tí ẹ sì gbé orúkọ àìsàn náà sínú orúkọ ilé, gbogbo ẹni tó bá yọjú wo fóònù aláìsàn ti mọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn kan á yàn láti má wá. Ẹ fi orúkọ ẹ̀ka ìtọ́jú sára ilẹ̀kùn inú, kí orúkọ ìta má tú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bọ́ àmì lára orúkọ, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì wà láàyè

Ní 2009, Hyunjin Song àti Norbert Schwarz tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi orúkọ àwọn èròjà oúnjẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ fúnra wọn han àwọn èèyàn. Àwọn èròjà tí orúkọ wọn nira láti pè ni àwọn èèyàn náà kà sí eléwu jù, bẹ́ẹ̀ kò sí ìyàtọ̀ míì tí wọ́n mọ̀ láàárín wọn ju orúkọ lọ. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ahọ́n tó kọsẹ̀ lára orúkọ lè mú kí ọkàn fura sí ohun tó ń jẹ́ ẹ. Orúkọ ìṣègùn tó kún fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, tí nọ́ọ̀sì yín gan-an kò lè pè lẹ́ẹ̀kan, kì í mú kí ẹ dà bí ọ̀jọ̀gbọ́n lójú aláìsàn. Ẹ̀rù ló ń fi kún ẹ̀rù rẹ̀.

Fún orúkọ Yorùbá, ìdánwò míì tún wà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láìsí àmì ohùn, láìsí àmì abẹ́ lẹ́tà, torí bí yóò ṣe máa rí nìyẹn nínú ìwé báńkì, lójú fóònù, àti nínú àdírẹ́sì lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ẹ wá fi í fún ẹni mẹ́fà tí kò mọ ohun tí ẹ ń ṣe, kí ẹ ní kí wọ́n kà á sókè. Bí ẹni méjì nínú wọn bá pè é sí ọ̀nà tó yàtọ̀, ẹ jù ú sílẹ̀. Orúkọ tí èèyàn ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ sábà máa ń yege níbí, torí ojú ti mọ̀ ọ́n láìsí àmì.

Orúkọ dókítà fúnra rẹ̀ náà máa ń yege nínú ìdánwò yìí, ó sì ní ohun rere kan nínú: aláìsàn mọ ẹni tí òun ń lọ bá. Àléébù rẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tó bá wọlé ni yóò fẹ́ rí onítọ̀hún, wọn á sì bínú bí dókítà míì bá yọjú sí wọn. Bí ẹ bá ní dókítà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí ẹ ní i lọ́kàn láti ta ilé náà lọ́jọ́ iwájú, ẹ má ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pè é lórí fóònù

Ẹni tó ń pe ilé ìwòsàn kì í sábà wà níbi tó parọ́rọ́. Ẹ wá ibi tí ariwo wà, kí ẹ pe ọ̀rẹ́ kan, kí ẹ sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, ilé ìwòsàn báyìí-báyìí nìyí," lẹ́ẹ̀kan péré. Kó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí yín. Ohun tó bá kọ ni ẹni tó ń wá yín á tẹ̀ sínú fóònù rẹ̀ nígbà tí ó bá ń wá ọ̀nà. Bí ó bá kọ ohun tó yàtọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn, kí ẹ tún un ṣe. Bí ẹni méjì bá ṣì í gbọ́, orúkọ ló ní àbùkù, kì í ṣe etí wọn.

Ní àkókò kan náà, ẹ bi wọ́n léèrè pé irú ibi wo ni wọ́n rò pé ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bi wọ́n bóyá orúkọ náà dára. Ẹni tó bá fẹ́ràn yín á ní ó dára. Tọkọtaya wa fẹ́ràn Òwúrọ̀ gan-an, torí àìsàn máa ń le lóru, ilẹ̀ tó mọ́ sì jẹ́ ìdẹ̀kùn. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bi ní ó ní láti jẹ́ ibi tí wọn kì í ti í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sán. Bí wọ́n ṣe fi orúkọ náà sílẹ̀ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wádìí ohun tí òfin àti aládùúgbò ti gbà

Ẹ wo àkọsílẹ̀ àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀, kí ẹ tún wo àwòrán ilẹ̀ orí fóònù, kí ẹ sì rin àdúgbò náà fúnra yín. Orúkọ tó jọ ti ilé ìwòsàn míì nítòsí ju ọ̀rọ̀ ẹjọ́ lọ: èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè lọ síbi tí kò yẹ, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lè yà sẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn. Ẹ fi ilé oògùn àti ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kún ohun tí ẹ ń wá, torí aláìsàn kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ tó ń sọ irú ilé tí ẹ jẹ́ náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tó bá wù. Nílẹ̀ púpọ̀, ìwé àṣẹ ló ń sọ bóyá ẹ lè pe ara yín ní ọsibítù tàbí ẹ kò lè ṣe é, ó sì sábà máa ń dá lórí ibùsùn, òṣìṣẹ́ àti ohun èlò tí ẹ ní. Ẹ béèrè kí ẹ tó kọ ọ́.

Ẹ má sì fi àgbélébùú pupa sára pátákó, ẹ má fi sínú orúkọ. Ọ̀pọ̀ rò pé àmì ìṣègùn lásán ni. Àdéhùn Jìnífà ti 1949 ló dáàbò bò ó, pẹ̀lú àmì òṣùpá pupa, fún àwọn tó ń tọ́jú ọgbẹ́ lójú ogun àti fún ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ náà. Ilé ìwòsàn aládàáni kò ní àṣẹ láti máa fi polówó ara rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ àmì kan, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ya àwòrán fa ewé kan tàbí ìlà rírọ̀ kan tó jẹ́ tiyín nìkan, kó sì má gba àyè lẹ́tà.

Bó ṣe parí fún tọkọtaya wa

Ìtura ló kọ́kọ́ yege nínú gbogbo ìdánwò ọ̀rọ̀. Lẹ́tà márùn-ún ni, kò ní àmì abẹ́ kankan, kò sì sẹ́ni tó ṣì í pè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rin títì náà, wọ́n bá ilé oògùn kan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Wọ́n wá mú Ìdẹ̀ra. Òun náà jẹ́ lẹ́tà márùn-ún, obìnrin ń jẹ́ ẹ, Idera tí kò ní àmì sì yé gbogbo ẹni tí wọ́n fi hàn. Kò ṣèlérí pé àìsàn á lọ. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ara rí lára ẹni tó bá wọlé nìkan ló ń sọ.

Wọ́n gbé e lé pátákó báyìí. Ìdẹ̀ra wà lókè, lẹ́tà ńlá rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 40, gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò sì fẹ̀ ju 150 lọ nínú 240 tí wọ́n ní. Ó ń ṣeé kà láti nǹkan bíi mítà 140, kódà bí ojú kò bá fi bẹ́ẹ̀ dá, àyè ṣì pọ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Lábẹ́ rẹ̀ ni Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ wà, lẹ́tà 22 pẹ̀lú àlàfo, ní sẹ̀ǹtímítà 12. Ìlà yẹn gba 198, ó sì ń ṣeé kà láti mítà 42.

Gíga ni ibi tí pátákó Yorùbá ti máa ń bàjẹ́. Àmì orí Ì nílò bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lókè lẹ́tà tó ga ní 40, àmì abẹ́ ẹ sì nílò bíi 6 nísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀ gba 12 àti 12, àlàfo àárín ìlà méjèèjì gba 8, ìlà kejì gba 12 pẹ̀lú 3 lókè àti 3 nísàlẹ̀ fún àwọn àmì tirẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 106 nínú 120. Bí ẹ kò bá ṣírò àyè yìí ṣáájú, ẹni tó ń kọ ọ́ á yọ àmì kúrò kí lẹ́tà lè wọlé, tàbí kó lẹ̀ wọ́n mọ́ lẹ́tà débi pé láti òkèèrè wọ́n á dà bí ìdọ̀tí.

Kí wọ́n tó san owó pátákó, wọ́n tẹ orúkọ náà sórí bébà ní ìwọ̀n tí yóò jẹ́ gan-an, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí pátákó máa wà, wọ́n sì wa ọkọ̀ kọjá láti ìhà méjèèjì, lọ́sàn-án àti nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Bí pátákó bá lẹ̀ mọ́ ògiri tó kọjú sí títì, awakọ̀ á máa wò ó láti ẹ̀gbẹ́, lẹ́tà á sì súnkì lójú rẹ̀. Wọ́n rí i bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì yí pátákó náà kó lè kọ ojú sí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà bọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ lójú méjèèjì. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú àmì àti ìwọ̀n gbogbo rẹ̀, wọ́n buwọ́ lù ú, ẹni tó ń kọ pátákó sì buwọ́ lù ú pẹ̀lú, pé ohun tó bá yàtọ̀ sí àwòrán yẹn, òun ni yóò tún un ṣe.